Máńgòrò pọ̀ l'Ògbómọ̀ṣọ́: ṣé ká sá a ni, ká pasitúráísì rẹ̀, àbí ká dé e sínú agolo?

Tí máńgòrò bá ti pọ́n l'Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí ibi tí èèyàn máa yà sí tí kò ní í rí i: lábẹ́ igi nínú agboolé, lẹ́bàá títì, nínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jà Wáàsò. Bó ṣe ń pọ̀ sí i lowó rẹ̀ ń já wálẹ̀, èyí tí kò bá sì tà láàárín ọjọ́ mélòó kan ti di ti eṣinṣin. Ẹni tó bá fẹ́ rí nǹkan tà nínú rẹ̀ títí di ìgbà ọyẹ́ ní ọ̀nà mẹ́ta tó lè gbà: kó gé e kó sì gbẹ ẹ́, kó fún un kó pasitúráísì omi rẹ̀, tàbí kó gé e sínú ìgò tàbí agolo kó sì sè é mọ́ inú rẹ̀. Bí ẹlẹ́ran, ẹlẹ́wàrà àti ọlọ́tòmátò náà ṣe ń yàn nìyẹn, àmọ́ máńgòrò ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí òun ló wà nílẹ̀ níbí.

Ohun tí a óò fi wọ̀n wọ́n

Ìbéèrè tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ bi ni pé “èwo ló ń pẹ́ jù?” Ìbéèrè yẹn kò burú, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣíwájú. Ohun tó ń ba oúnjẹ jẹ́ jẹ́ oríṣi méjì. Àkọ́kọ́ ni àwọn kòkòrò àìfojúrí: bakitéríà, ìwúkàrà, àti èyí tó ń mú kí oúnjẹ bu. Ìkejì wà nínú èso fúnra rẹ̀, ìyẹn ẹ́nsáìmù, tó ń mú kó rọ̀, kó sì dúdú lẹ́yìn tí ọ̀bẹ bá ti kàn án. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí nílò omi, wọ́n nílò ìlọ́wọ́ọ́wọ́, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fẹ́ ohun tó bá kan jù.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni pé: kí ló fi sílẹ̀ láàyè, kí ló sì ń ṣọ́ èyí tó fi sílẹ̀ kó má baà dìde? Ẹni tó bá mọ ìdáhùn yẹn máa mọ ibi tí wàhálà ti máa yọjú.

Èkejì ni bí oúnjẹ náà ṣe kan tó. Nọ́ńbà pH la fi ń mọ̀ ọ́n. Bó bá ṣe kéré tó ni oúnjẹ náà ṣe kan tó. Ẹ fi 4.6 sọ́kàn, torí gbogbo ọ̀rọ̀ agolo dá lé e lórí. Bakitéríà kan wà tó ń jẹ́ Kilositirídíọ̀mù bọtulínọ̀mù, inú ilẹ̀ ló ń gbé, kò sì fẹ́ afẹ́fẹ́. Nínú oúnjẹ tí pH rẹ̀ ju 4.6 lọ, tí a dé pa láìsí afẹ́fẹ́, ó lè hù, kó sì tu májèlé tó ń rọ iṣan ara, láti ìpéǹpéjú wá sí ọ̀fun títí dé ibi tí èèyàn kò ti ní lè mí mọ́. Lábẹ́ 4.6, kò lè hù.

Ẹ̀kẹta ni iná: mélòó lẹ máa ná láti ṣe é, ṣé ẹ ó sì tún máa náwó iná lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe é tán? Èyí ló ń ya ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ jù níbi tí NEPA ti ń ṣe bó ṣe wù ú.

Gbígbẹ: kò pa nǹkan kan, omi ló gbà lọ́wọ́ wọn

Ẹni tó dàgbà nílẹ̀ yìí mọ gbígbẹ. Èlùbọ́, láfún, orúnlá, ata gbígbẹ, gbogbo wọn ló ń dúró lórí òye kan ṣoṣo: kòkòrò tí kò bá rí omi mu kò lè bí sí i. Kì í ṣe pé ó kú o. Ọ̀pọ̀ ló wà níbẹ̀ tó ń sùn, bí omi bá sì padà kàn án, ó jí. Ìdí nìyí tí orúnlá tí wọ́n rẹ sómi tí wọ́n gbàgbé síta fi máa ń kan lọ́jọ́ kejì.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa ń wọn omi tí kòkòrò lè rí lò lórí òṣùwọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 títí dé 1. Omi lásán jẹ́ 1. Ọ̀pọ̀ bakitéríà ti máa ń dákẹ́ tó bá ti dín ní 0.90, èyí tó ń mú oúnjẹ bu máa ń fara dà á títí dé nǹkan bí 0.70, nísàlẹ̀ 0.60 kò sí ìkankan tó lè dàgbà mọ́. Ẹ kíyè sí i pé mi ò sọ pé “omi tó wà nínú oúnjẹ”, “omi tí wọ́n lè rí lò” ni mo sọ. Ṣúgà máa ń di omi mú mọ́ra débi tí kòkòrò kò ní rí i gbà. Nítorí èyí, máńgòrò gbígbẹ lè ṣì ní omi ìdá 15 nínú 100, kó rọ̀ lẹ́nu, kó má sì bu, nígbà tí èlùbọ́ tó ní irú omi bẹ́ẹ̀ ti ń wá èébu. Èlùbọ́ kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí ìdá 12 lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ ká a sí pé ẹ ti bó èèpo, ẹ ti yọ kóró, ara máńgòrò tó kù sì jẹ́ kílò 10. Omi tó wà nínú rẹ̀ tó ìdá 83 nínú 100, ìyẹn kílò 8.3, ohun líle tó kù, tó jẹ́ ṣúgà àti okùn, jẹ́ kílò 1.7. Tí a bá fẹ́ kí omi kù sí ìdá 15, ohun líle yẹn máa jẹ́ ìdá 85 ohun tó kù, torí náà ohun tí ẹ máa kó kúrò lórí atẹ jẹ́ kílò 2. Kílò omi 8 lẹ lé lọ. Ẹ ò lè dín ìṣirò yìí kù, bó ti wù kí ẹ̀rọ yín dára tó. Lílé kílò omi 8 lọ nìkan ń gba agbára iná tó kílówáàtì-wákàtí 5, ẹ̀rọ tòótọ́ sì sábà máa ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ooru tó ń bá afẹ́fẹ́ jáde. Ẹ wo tòmátò báyìí: omi inú rẹ̀ tó ìdá 94, ohun líle inú kílò 10 kò ju gíráàmù 600 lọ. Mo kà á sí ìyà kí èèyàn fi èédú tàbí iná mànàmáná gbẹ tòmátò fún títà, àyàfi tó bá ní oòrùn lọ́fẹ̀ẹ́.

Oòrùn ọ̀hún wá ni ìṣòro. Èlùbọ́ ń rí ọyẹ́, afẹ́fẹ́ ń gbẹ, ọjọ́ ń mú. Máńgòrò kò rí i bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń dé ni ó ń pọ́n, afẹ́fẹ́ ti ń tutù, òjò ọ̀sán sì lè já lójijì. Máńgòrò tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta lórí bébà ọ̀rá láì gbẹ, ó ti ní ìwúkàrà, á máa rùn bí ẹmu tó kan. Ẹ̀rọ ìgbẹ, tàbí àpótí onígíláàsì tó ń mú oòrùn gbóná tí ó sì ní ojú tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, ló bá máńgòrò mu. Ẹ gé e ní ìbú mílímítà 6, ẹ rì í sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ kó má baà dúdú, ẹ tò ó lórí àwọ̀n kí ọ̀kan má kan èkejì, kí ooru sì wà láàárín 55 sí 65°C. Ó máa ń gba wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá.

Àwọn tó ń kánjú máa ń gbé ooru sókè ní ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé ẹ̀yìn rẹ̀ á gbẹ líle bí awọ, omi inú á há mọ́lẹ̀, ẹ ó rò pé ó ti tán. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, inú ọ̀rá ti bu. Bí ẹ ṣe lè mọ̀ nìyí: ẹ mú ìwọ̀nba sínú ìgò onígíláàsì, ẹ dé e, ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa mì í lójoojúmọ́. Tí ìrì bá wà lára ìgò nínú, ẹ da gbogbo rẹ̀ padà sórí atẹ. Ọwọ́ tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ ní àárín nígbà tó ti tutù tún dára ju ti ojú lọ. Tó bá yi bí awọ láìsí omi tó ń yọ, ó ti tó.

Tó bá ti gbẹ dáadáa tí ọ̀rá rẹ̀ kò sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kò ní í jẹ iná kankan mọ́. Ìyẹn ni agbára gbígbẹ. Àléébù rẹ̀ ni pé ìdọ̀tí ọwọ́, eṣinṣin tàbí erùpẹ̀ tó bá ti bà á lára kò ní í kú. Á kàn dúró ni.

Pasitúráísì: ó pa èyí tó ń dáni láàmú, ó fi èyí tó le sílẹ̀

Pasitúráísì ni kí a fún ohun mímu ní ooru tó tó, àmọ́ tí kò tó láti sè é jinná pátápátá. Luí Pásítọ̀, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló ṣe é fún wáìnì ní bíi ọdún 1864, kó tó di pé wọ́n ń lò ó fún wàrà. Fún wàrà màlúù, òṣùwọ̀n tí gbogbo ayé ń lò ni 63°C fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tàbí 72°C fún ìṣẹ́jú-àáyá 15 nínú ẹ̀rọ tó ń ṣàn. Ìgbà àti ooru ń gbé ara wọn lẹ́sẹ̀: ooru tó bá pọ̀ díẹ̀, ìgbà kúrú púpọ̀.

Èyí pa kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, ó pa ti ibà jẹ̀funjẹ̀fun, ó sì pa ìwúkàrà. Ohun tí kò pa ni bakitéríà tó ti wọ ìhámọ́ra líle, èyí tí wọ́n ń pè ní sípóò. Bakitéríà tó bá rí ìnira máa ń ká ara rẹ̀ sínú èèpo yẹn, á sì dúró, ó lè dúró fún ọdún púpọ̀. Nígbà tó bá rí oúnjẹ tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn, á tún tú jáde. Torí náà, ohun tí a bá pasitúráísì gbọ́dọ̀ ní ẹ̀ṣọ́ míì: tàbí òtútù, tàbí kíkan.

Wàrà kò kan. pH rẹ̀ tó 6.6. Ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ ni fíríìjì ní 4°C tàbí kó dín sí i. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Èyí jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn tó ń ronú pé àwọn fẹ́ máa ra wàrà lọ́wọ́ àwọn Fúlàní ní ẹ̀yìn ìlú, kí wọ́n pasitúráísì rẹ̀ kí wọ́n máa tà á nínú ọ̀rá, pé kí wọ́n kọ́kọ́ ka iye tí wọ́n máa ná sí jẹnẹrétọ̀.

Omi máńgòrò yàtọ̀. Ó kan, tàbí a lè mú kó kan. Máńgòrò tó pọ́n gan-an kì í kan tó ti àìpọ́n, pH rẹ̀ sì lè gòkè dé 4.6 tàbí kó kọjá a. Ẹ má fi ẹnu tọ́ ọ wò kí ẹ sọ pé ó tó. Ẹ fi bébà pH tàbí, tó bá jẹ́ pé títà ni, ẹ̀rọ pH tó ní nọ́ńbà wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì máa fi ìyẹ̀fun kíkan tí wọ́n ń pè ní síítíríìkì tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ kún un díẹ̀díẹ̀ títí á fi wà ní 4.0 tàbí kó dín sí i. Nígbà tí kíkan bá ń ṣọ́ ọ, sípóò tó ṣẹ́kù kò lè jí. Ẹ gbé e kaná dé 90°C fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò gíláàsì tó ti gbóná nígbà tí omi náà kò tíì dín ní 85°C, ẹ dé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ dojú ìgò bolẹ̀ tàbí kí ẹ dùbúlẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ooru lè kan ìdérí nínú. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, nítorí gíláàsì tó gbóná kò fẹ́ omi tútù. Bó bá ti tutù, inú ìgò á fa ìdérí mọ́ra. Irú omi bẹ́ẹ̀ lè wà lórí pẹpẹ fún oṣù mélòó kan láìsí fíríìjì.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni ike. Ike tí wọ́n fi ń ta omi mímu ń rọ̀ ní nǹkan bí 70°C. Ẹ rọ omi gbígbóná sínú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ á wọ́, ìdérí kò ní í mú mọ́, afẹ́fẹ́ á máa wọlé láìjẹ́ pé ẹ rí i. Ẹni tó bá wá dúró kí omi tutù kó tó rọ ọ́ sínú ike ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá kòkòrò padà. Ẹ ò ní í fi ìyẹn ṣe oúnjẹ pẹpẹ. Fíríìjì ni ẹ óò gbé e sí, láàárín ọjọ́ mélòó kan sì ni.

Agolo àti ìgò ìsè: ó pa èyí tó lè bà á jẹ́, ìdérí ló ń ṣọ́ ọ

Nikolá Apẹ́rì, alásè ará Faransé, ló tẹ ìwé jáde ní ọdún 1810 lórí bí èèyàn ṣe lè dé oúnjẹ sínú ìgò, kó sì sè é mọ́ inú rẹ̀. Nígbà yẹn kò sí ẹni tó mọ̀ pé kòkòrò ló ń ba oúnjẹ jẹ́; ó kàn rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yàtọ̀ sí pasitúráísì ni pé oúnjẹ àti ìgò ni a jọ ń sè lẹ́ẹ̀kan náà, ìdérí sì ti wà níbẹ̀, nítorí náà ohun tó bá kú nínú rẹ̀ ti kú, òde kò sì lè fi ohun míì sí i.

Ibí ni ooru ti di ọ̀rọ̀ ńlá. Sípóò bọtulínọ̀mù lè fara da omi híhó ní 100°C fún wákàtí márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 121°C, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Omi kì í gbóná ju 100°C lọ nínú ìkòkò lásán, bí ẹ ti wù kí ẹ kó igi sí i tó. Ìkòkò tó ń há ooru mọ́lẹ̀, ìyẹn ìkòkò onítẹ̀, nìkan ló lè gbé e dé ibẹ̀. Ìlú yìí ga ju mítà 300 lọ sí ìpele òkun, nítorí náà omi ń hó níbí ní nǹkan bí 99°C. Ìyẹn ni a fi ń fi ìṣẹ́jú díẹ̀ kún ti ìwé, kí a má sì sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn kò sì jẹ́ ìṣẹ́jú tí ẹ fi gbé e sórí iná: ibi tó tutù jù láàárín ìgò gan-an ni ó gbọ́dọ̀ gbóná tó bẹ́ẹ̀, tí ẹ bá fi ẹ̀wà àti ẹran sí i, ooru ò yára dé ibẹ̀. Ìdí nìyí tí àkókò tó wà nínú ìwé máa ń lé ní wákàtí kan fún ẹran.

Máńgòrò ní ìgò rọrùn ju ẹran lọ, torí kíkan. Gígé rẹ̀ sínú omi ṣúgà gbígbóná tó ní síítíríìkì, kí pH má kọjá 4.2, kí ẹ fi àlàfo bí sẹ̀ǹtímítà kan àti ìdajì sílẹ̀ lókè, kí ẹ dé e, kí ẹ rì ìgò sínú omi híhó fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú fún ìgò ìdajì lítà, ó tó. Kíkan ló ṣe iṣẹ́ tí ìkòkò onítẹ̀ ì bá ṣe.

Ata lílọ̀ ni ibi tó léwu, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀. Èèyàn máa ń ro pé nítorí tòmátò kan, ọbẹ̀ rẹ̀ náà kan. pH tòmátò fúnra rẹ̀ wà láàárín nǹkan bí 4.3 sí 4.9, ó ti ń fara kan ààlà. Ẹ fi tàtàṣé kún un, tí ó wà lókè ààlà, ẹ fi àlùbọ́sà, tó wà ní 5.3 sókè, ọbẹ̀ náà ti kọjá 4.6 láìjẹ́ pé ẹnu yín mọ̀. Ẹ wá sè é, ẹ rọ ọ́ sínú ìgò, ẹ da òróró lé e lórí kí afẹ́fẹ́ má baà kàn án, ẹ gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ohun tí bọtulínọ̀mù ń fẹ́ gan-an lẹ ṣe fún un yẹn: kò kan tó, kò sí afẹ́fẹ́, ó gbóná níwọ̀nba. Irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ fi sínú fíríísà, tàbí kí ẹ fi ìkòkò onítẹ̀ sè é pẹ̀lú ìlànà tí wọ́n ti dánwò. Tòmátò nìkan, láìsí tàtàṣé àti àlùbọ́sà, ẹ lè fi síbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ méjì ńlá tàbí ìdajì síbí tíì ìyẹ̀fun síítíríìkì kún lítà kan, kí ẹ sì sè é ní omi híhó fún ìṣẹ́jú 50.

Ìdérí tó wú, omi tó ń fò nígbà tí ẹ ṣí i, òórùn tó ṣàjèjì: ẹ jù ú nù, ẹ má tọ́ ọ wò. Ṣùgbọ́n májèlé bọtulínọ̀mù lè wà nínú ìgò tí kò wú, tí kò sì rùn. Ìyẹn ni a ò fi ń fi ojú dá a mọ̀. Ọwọ́ tí ó tọ́ nígbà ṣíṣe ni a fi ń gbára lé.

Ní ti owó, ìgò tó ní ìdérí gidi ló ń gba owó jù, ìdérí tí a ti lò lẹ́ẹ̀kan kì í sì mú ní ẹ̀ẹ̀kejì dáadáa. Ìkòkò onítẹ̀ tí wọ́n fi ń se ẹran nínú ilé kì í ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún ìgò. Tí kò bá ní òṣùwọ̀n lórí, ẹ kò mọ ohun tó ń lọ nínú rẹ̀.

Ta ni kó mú èwo?

Tó bá jẹ́ pé ọwọ́ yín ò ní owó púpọ̀, iná kò sì dájú, ẹ lọ sí gbígbẹ, kí ẹ sì ná owó sí àpótí onígíláàsì kí ẹ má baà sá máńgòrò lábẹ́ òjò àkọ́rọ̀. Máńgòrò tó dúró, tí kò ní okùn púpọ̀, ni kí ẹ gé. Ó fúyẹ́, kílò 10 ti di 2, ọkọ̀ tó ń lọ Èkó lè kó o láìsí pé ó fọ́. Fún ìlú tí ọ̀nà jìn sí ọjà ńlá, ní tèmi, èyí ló wù mí jù.

Àwọn tó ń tà fún ṣọ́ọ̀bù àti ilé oúnjẹ inú ìlú, tó sì ní máńgòrò olókùn tàbí èyí tó ti rọ̀ jù láti gé, kí wọ́n fún un, kí wọ́n fi kíkan àti ìgò gíláàsì pa á dé. Ẹ rántí pé ohun tí ẹ bá fi sínú ìgò tí ẹ sì lẹ orúkọ mọ́ láti tà gbọ́dọ̀ gba ìforúkọsílẹ̀ NAFDAC. Ẹ̀rọ pH yín ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ná owó lé, kí ẹ tó ronú lébẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ń ṣe é fún ilé nìkan lè lo bébà pH, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe rẹ́gí bíi ti ẹ̀rọ.

Ìgò ìsè ni kí ẹni tó ní oníbàárà tó ń san owó gidi fún ègé máńgòrò nínú omi ṣúgà mú, tàbí ẹni tó ń fẹ́ oúnjẹ tó máa wà ní sẹpẹ́ fún ọdún kan láìfi owó iná kún un mọ́. Ẹran, ẹ̀wà, ẹja àti ọbẹ̀ onítàtàṣé kò sí nínú ohun tí ẹ lè fi ìkòkò lásán ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe wọ́n fún títà, kó lọ bá àwọn tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oúnjẹ ní Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá, kó gbé ìlànà rẹ̀ síwájú wọn kó tó ra ìgò àkọ́kọ́.

Wàrà títútù ni mo fi sílẹ̀ sẹ́yìn. Bí fíríìjì yín kò bá tó ọjọ́ mẹ́ta tí kò kú, ẹ má pasitúráísì wàrà láti tà. Ẹ fi ewé bòmubòmu ṣe é ní wàrà dídì bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó tà ní ọjọ́ tí ẹ ṣe é.